Èébú tó di orúkọ ẹgbẹ́ olórin: ẹjọ́ The Slants

Nígbà kan, Simon Tam ń ta gìtá béèsì ní ìlú Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2006 ló kó àwọn èèyàn jọ dá ẹgbẹ́ olórin kan sílẹ̀, ọmọ ará Éṣíà tó ń gbé Amẹ́ríkà sì ni wọ́n. The Slants ni orúkọ tó fún ẹgbẹ́ náà. Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ pé ohun tó dagun, tí kò dúró ṣánṣán, ni wọ́n ń pè ní slant. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ará Amẹ́ríkà, èébú ni pẹ̀lú. Òun ni wọ́n fi ń bú ará Ṣáínà, ará Kòríà, ará Fíẹ́tínáàmù, àti ẹnikẹ́ni tí ojú rẹ̀ bá ti jọ tiwọn.

Èébú yìí kò tilẹ̀ nílò ẹnu kó tó dé ibi tó ń lọ. Ọmọ ilé ìwé kan á fi ìka méjì fa eteetí ojú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ojú á fi di tíńtín, á wá kọjú sí ọmọ Éṣíà kan ṣoṣo tó wà ní kíláàsì. Àwọn yòókù á bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọ́n ṣe é sí kò ní rí ọ̀rọ̀ kankan mú, torí pé kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Éṣíà tó dàgbà ní Amẹ́ríkà ló mọ ìka méjì yìí dáadáa, àwọn orin ẹgbẹ́ náà sì mú nínú irú èébú tí wọ́n fi ń pa ọmọdé lẹ́kún bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwo orin wọn, Slanted Eyes, Slanted Hearts ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀.

Tam ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà bí orúkọ náà ṣe wá. Ó bi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí ni wọ́n rò pé gbogbo ará Éṣíà fi jọra. Ojú dídagun ni wọ́n dá a lóhùn. Ó bá a lẹ́rìn-ín, torí pé kì í ṣe gbogbo ará Éṣíà lojú wọn rí bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn tí kì í ṣe ará Éṣíà náà sì ní irú ojú yẹn. Ó bá mú un. Ó ní àwọn náà ní ọ̀nà tiwọn tí àwọn ń gbà wo ayé, kí àwọn kúkú fi ohun tí wọ́n fi ń bú àwọn jẹ́ orúkọ, kí abúni má rí ohun tuntun sọ mọ́.

Bí orúkọ yìí ṣe di ẹjọ́ tó lo ọdún mẹ́fà kí ó tó parí ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ni mo fẹ́ sọ. Kì í ṣe nítorí ẹgbẹ́ náà gan-an. Ohun tó fà mí mọ́ ọn ni pé ẹni tó gba èébú lọ́wọ́ abúni ló jàre nínú ẹjọ́ yìí, síbẹ̀ ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí fún un, ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni àwọn ará ìta gbà wọlé.

Ìwé tí wọ́n dá padà

Ọ́fíìsì kan wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń fi àmì òwò sílẹ̀. Àmì òwò ni orúkọ tàbí àwòrán tí oníbàárà fi ń mọ ọjà Lágbájá yàtọ̀ sí ti Tàmẹ̀dù. Ẹgbẹ́ olórin náà ń ta ọjà: tíkẹ́ẹ̀tì, àwo orin, ẹ̀wù tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí láyà. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ tó bá ti ń lókìkí fi ń sáré lọ fi orúkọ sílẹ̀.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí ìwé yẹn ń fúnni. Kì í ṣe ìyọ̀ǹda láti lo orúkọ. The Slants ti ń jẹ́ The Slants tipẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó di ìjà, kò sì sí ọlọ́pàá tó lè mú wọn torí ẹ̀. Ohun tí ìwé ń fúnni ni agbára láti dí ẹlòmíràn lọ́wọ́. Bí àwọn kan bá dìde ní Texas lọ́la tí wọ́n fi orúkọ kan náà kọrin, ẹni tó ní ìwé lè gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ láìjẹ́ pé ó tún ń wá ẹlẹ́rìí kiri pé òun ni òun kọ́kọ́ ń jẹ́ ẹ. Ní ti òwò, nígbà náà, ohun tí Tam ń béèrè jọ ohun tí gbogbo ẹni tó gba èébú padà ń béèrè lọ́wọ́ aráyé: kí òun máa lò ó, kí ará ìta má lò ó.

Wọ́n kọ̀ fún un. Òfin Lanham tí wọ́n ṣe ní ọdún 1946 sọ pé ọ́fíìsì náà kò gbọdọ̀ fi àmì tó lè tàbùkù ẹnikẹ́ni, alààyè tàbí òkú, sílẹ̀. Nígbà náà, ìbéèrè méjì ni òṣìṣẹ́ wọn máa ń bi ara rẹ̀. Àkọ́kọ́, kí ni ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí bí wọ́n ṣe ń lò ó lára ọjà yìí? Èkejì, bó bá jẹ́ pé àwọn èèyàn kan ló ń tọ́ka sí, ǹjẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn á kà á sí àbùkù? Kò pọn dandan kí ó tó ìlàjì wọn. Ìwé ìtọ́nisọ́nà ọ́fíìsì náà tún sọ gbangba pé bí ẹni tó kọ̀wé bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èèyàn tí ọ̀rọ̀ náà kàn, tàbí tí inú rẹ̀ mọ́, ìyẹn kò yí ohunkóhun padà.

Ìwé kan ti wà ní ọdún 2010 tí wọ́n kọ̀. Nígbà tí Tam tún kọ òmíràn ní oṣù kọkànlá ọdún 2011, kò mẹ́nu kan Éṣíà nínú rẹ̀ rárá. Orúkọ ẹgbẹ́ olórin lásán ló pè é. Òṣìṣẹ́ tó gba ìwé náà lọ wo ojú ìkànnì ẹgbẹ́ yìí. Ó rí àwòrán obìnrin ará Éṣíà, ó rí dírágónì, ó rí ibi tí Tam ti sọ pé àwọn fẹ́ gba èébú yẹn sọ́wọ́ ara àwọn. Ó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, ó rí i pé ọ̀rọ̀ àbùkù ni. Ó tún rí i pé wọ́n ti fagi lé eré kan tí ẹgbẹ́ náà fẹ́ ṣe rí nítorí orúkọ yìí, àti pé àwọn kan ti kọ ọ́ sójú ìkànnì pé orúkọ náà bí àwọn nínú. Ó bá kọ ìdáhùn: nígbà tó jẹ́ pé ọmọ Éṣíà ni wọ́n, kò sí bí aráyé ṣe máa gbọ́ orúkọ yìí tí kò ní jẹ́ èébú ni wọ́n á rò.

Ẹ tún ìyẹn kà. Àwọn oníṣòwò mìíràn ti fi slant sílẹ̀ fún ọjà oríṣiríṣi láìsí wàhálà, torí pé kò sẹ́ni tó rò pé ojú ẹnikẹ́ni ni wọ́n ń sọ. Ohun tó sọ ọ̀rọ̀ náà di èébú lójú ọ́fíìsì ni pé ọmọ Éṣíà ló ń lò ó. Ìyẹn ni pé ará ìta tó bá fi kọrin lè rí ìwé gbà, kí ẹni tí wọ́n ti fi bú láti kékeré máa wò ó lójú.

Èmi ò ní pe òṣìṣẹ́ náà ní òmùgọ̀. Ó béèrè ìbéèrè tó yẹ, ìyẹn ni pé ta ló ń sọ ọ́. Ìdáhùn ló lọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó mọ̀ pé ẹnu tí ọ̀rọ̀ ti jáde ń yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n òfin tó ń tẹ̀ lé kò fún un láàyè láti gbà pé ó lè yí i sí rere.

Ohun tí ilé ẹjọ́ sọ, àti ohun tí wọn ò sọ

Ìgbìmọ̀ ọ́fíìsì náà fọwọ́ sí i ní ọdún 2013 pé kí wọ́n má fi sílẹ̀. Tam gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Àwọn adájọ́ mẹ́ta kọ́kọ́ dá a lẹ́bi, lẹ́yìn náà ni ilé ẹjọ́ yẹn fúnra rẹ̀ ní kí gbogbo àwọn jókòó tún un gbọ́, wọ́n sì dá a láre ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 2015. Ìjọba wá di ẹni tó ń pe ẹjọ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún 2017, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ẹjọ́ náà, gbogbo àwọn adájọ́ mẹ́jọ tó gbọ́ ọ sì wà lẹ́yìn Tam. Adájọ́ Neil Gorsuch kò tíì dé orí àga nígbà tí wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́, kò bá wọn dá sí i.

Adájọ́ Samuel Alito ló kọ ìdájọ́. Ó tilẹ̀ pe Tam ní ẹni tó ń lé orin fún ẹgbẹ́ náà, nígbà tó jẹ́ pé gìtá ló ń ta. Onígìtá kì í ríbi rọ̀ lọ́wọ́ akọrin, kódà nílé ẹjọ́. Ìjọba ti sọ pé àmì òwò tí àwọn bá fi sílẹ̀ dà bí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn fúnra àwọn, àwọn sì lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ohun tí àwọn máa sọ. Alito fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní bí gbogbo orúkọ ọjà tí ìjọba ti fi sílẹ̀ bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ìjọba, a jẹ́ pé ìjọba ń wíìrégbè, tó ń sọ̀sọkúsọ, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò bára mu. Ọ̀rọ̀ oníṣòwò ni, òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò sì gba ìjọba láàyè láti fi ìyà jẹ ọ̀rọ̀ nítorí pé ó bí ẹlòmíràn nínú. Lójú tirẹ̀, mímú inú bíni pẹ̀lú jẹ́ èrò kan, ìjọba ò sì gbọdọ̀ gbè sẹ́yìn èrò kan. Ó gbà pé ọ̀rọ̀ tó ń rẹ ènìyàn sílẹ̀ nítorí ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkórìíra. Ṣùgbọ́n ohun tí Amẹ́ríkà fi ń yangàn jù nínú òmìnira ọ̀rọ̀ ni pé àwọn ń dáàbò bo èrò tí àwọn kórìíra pàápàá.

Ohun tí wọn ò sọ ló ṣe pàtàkì sí mi. Wọn ò sọ pé Tam lè lo ọ̀rọ̀ náà nítorí pé ọmọ Éṣíà ni. Wọn ò sọ pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní èébú. Ní tòótọ́, bí a bá tẹ̀ lé àlàyé Alito, a lè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé ẹgbẹ́ náà fẹ́ wo ọgbẹ́ sàn. Ńṣe ló dá wọn láre bí ẹni ń dá abúni láre. Òfin ti dijú sí ẹnu tí ọ̀rọ̀ ti jáde. Nígbà tó sì ti dijú, kò lè mọ ọmọ ilé yàtọ̀ sí àlejò mọ́.

Ẹni tó bá wọn jẹ nínú rẹ̀

Ẹni tó tètè rí èyí ni ilé iṣẹ́ tó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti Washington. Redskins ni orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ láti ọdún 1933, nígbà tí wọ́n ṣì wà ní Boston lábẹ́ George Preston Marshall. Aláwọ̀ pupa ni wọ́n ń sọ, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn tó wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Marshall yìí kan náà ni kò gba aláwọ̀ dúdú kankan sínú ẹgbẹ́ rẹ̀ títí di ọdún 1962, nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ yòókù ti ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Amanda Blackhorse, obìnrin kan tó jẹ́ ọmọ Navajo, ọ̀kan nínú ẹ̀yà àwọn ọmọ onílẹ̀ yìí, àti àwọn mẹ́rin mìíràn ti gbé orúkọ náà lọ síwájú ọ́fíìsì àmì òwò láti ọdún 2006. Wọ́n ṣẹ́gun ní oṣù Kẹfà ọdún 2014: ìgbìmọ̀ fagi lé ìwé mẹ́fà tí ẹgbẹ́ náà ní. Òfin tí wọ́n lò ni òfin kan náà tí wọ́n fi lé Tam padà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Tam wá dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, ilé iṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù kọ̀wé gbe Tam lẹ́yìn, Blackhorse àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì kọ̀wé gbe ìjọba lẹ́yìn. Ẹ wo bí ìjókòó ṣe rí. Ọmọ Éṣíà tí wọ́n ti bú wà ní apá kan pẹ̀lú àwọn tó ń fi èébú ẹlòmíràn pawó, ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n ti bú wà ní apá kejì pẹ̀lú òfin tó ń dí ọmọ Éṣíà lọ́wọ́. Tam sọ lọ́pọ̀ ìgbà pé òun kò fara mọ́ orúkọ agbábọ́ọ̀lù yẹn. Ìyẹn kò dá nǹkan kan dúró. Lẹ́yìn tó jàre, ẹjọ́ tí Blackhorse ti jàre dà nù, ìwé Redskins sì padà bọ̀ sípò.

Ilé iṣẹ́ náà ní àwọn ẹ̀rí méjì tí wọ́n máa ń fi hàn. Èkíní ni ìwádìí tí ìwé ìròyìn Washington Post ṣe ní ọdún 2016: nínú àwọn ọmọ onílẹ̀ 504 tí wọ́n bi, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ní orúkọ náà kò bí àwọn nínú. Èkejì, èyí tó lágbára jù lójú mi, ni ilé ìwé girama Red Mesa ní Arizona. Orí ilẹ̀ Navajo ló wà, ọmọ Navajo ló kún ibẹ̀, Redskins sì ni àwọn eléré ìdárayá ibẹ̀ ń jẹ́. Bí àwọn ọmọ Navajo bá fi ń pe ara wọn, kí ló dé tí Washington ò lè pè é?

Ìbéèrè yìí gan-an ni gbogbo ará ìta máa ń béèrè, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn dáadáa. Ọmọ Red Mesa tó wọ ẹ̀wù náà, ara rẹ̀ ló ń pè. Bó bá pariwo orúkọ náà lórí pápá, òun wà nínú ẹni tí orúkọ náà bò, ìyá rẹ̀ tó jókòó wò ó wà nínú rẹ̀. Kò sí bó ṣe lè fi lé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn. Nínú pápá Washington nígbà yẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ ló ń fi ìyẹ́ sórí, tí wọ́n ń fi ọ̀dà kun ojú, tí wọ́n ń pariwo orúkọ tí kò kan wọn. Ẹlòmíràn ni wọ́n ń ṣe, wọ́n sì lè bọ́ ọ sílẹ̀ tí eré bá parí. Ọmọ Navajo ò lè bọ́ ọ sílẹ̀. Ní ti ìwádìí Washington Post, ìbéèrè tí wọ́n béèrè ni bóyá inú ń bí ọ. Pé inú kò bí mi sí ọ kò sọ pé mo fún ọ láṣẹ.

Ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà nígbà tí ọmọ ilé bá sọ ọ́

Èébú ẹ̀yà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó kàn burú. Iṣẹ́ kan ló ń ṣe: ó ń sọ fún ẹni tí a bú pé ìwọ ò sí lára wa, ipò rẹ rèé, a sì pọ̀ tó láti fi ọ́ síbẹ̀. Agbára rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn tó ti sọ ọ́ ṣáájú àti ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí wọ́n sọ ọ́. Amẹ́ríkà ṣòfin ní ọdún 1882 pé kí òṣìṣẹ́ ará Ṣáínà má wọ ìlú mọ́. Ní ọdún 1942, wọ́n kó àwọn ọmọ Jàpáànù tó lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún lọ sí àgọ́, ọmọ onílùú sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó pe ọmọ Éṣíà ní slant lónìí lè má mọ ọdún kankan nínú wọn. Ọ̀rọ̀ náà ló gbé ìtàn rẹ̀ dání.

Nígbà tí Tam bá wá gun orí ìtàgé tó ní "Àwa ni The Slants", iṣẹ́ yẹn kò ṣeé ṣe mọ́. Kò lè máa sọ fún ara rẹ̀ pé kò sí lára ara rẹ̀. Ohun tí àwọn èèyàn rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ń gbọ́ ni pé ó ń sín abúni jẹ. Ó gbé ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ ilé ìwé ọjọ́sí, ó fi ohùn tirẹ̀ sọ ọ́, gbogbo wọn sì mọ ẹni tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Ìsínjẹ yẹn nílò nǹkan méjì: kí asínnijẹ má jẹ́ ẹni tó ń sín jẹ, kí olùgbọ́ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ará ìta ò ní èkíní. Ká ní ọmọkùnrin òyìnbó kan fẹ́ràn ẹgbẹ́ náà gan-an, ó ra gbogbo àwo orin wọn, ó wá kí ọmọ Éṣíà kan lẹ́yìn eré pé "Ìwọ slant yìí, báwo ni?" Ó lè jẹ́ pé ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń sín jẹ? Ẹnu rẹ̀ ni ẹnu tí ọ̀rọ̀ náà ti ń jáde láti ọjọ́ yìí wá. Ẹni tó gbọ́ ọ kò lè ṣí àyà rẹ̀ wò, ohun tó lè rí ni ẹnu yẹn, á sì ní láti dúró ṣírò pé ṣé ọ̀rẹ́ nìyí àbí irú àwọn tọjọ́sí. Ìṣirò yẹn gan-an ni èébú náà máa ń gbé kà á láyà. Ìka tó tọ́ sí imú la fi ń ro imú. Ti ẹlòmíràn lè mọ́ ju tirẹ lọ, kò ní kó o gbà á sí imú rẹ.

Ohun kejì tún wà tí àwọn ará ìta kì í ronú kàn. Bí wọ́n bá ń lò ó pẹ̀lú inú rere, àwọn abúni gidi á sá sábẹ́ wọn. Kò ní sí bí a ṣe máa mọ èyí tó ń ṣe ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó ń bú ni, ẹni tó bú ọ lójú títì á sì ní àwáwí lẹ́nu: "Ṣebí gbogbo wa la ń sọ ọ́." Nǹkan tí àwọn ọmọ ilé fi ọdún púpọ̀ kọ́ á wá di ibi ìsápamọ́ fún ẹni tí wọ́n ń sá fún. Mo gbà pé ìdí yìí lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí pé kò gbára lé ohun tó wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni.

Ẹ má sì rò pé gbogbo ọmọ Éṣíà ló pàtẹ́wọ́ fún Tam. Eré tí wọ́n fagi lé yẹn àti àwọn tó kọ̀wé pé inú bí àwọn ti fi hàn pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Kò sí ìpàdé kankan tí ẹ̀yà kan ti jókòó dìbò pé ó yá, a ti gba èébú yìí. Àwọn kan á gbà á, àwọn kan á kọ̀ ọ́, àgbàlagbà tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ náà lé jáde ní ṣọ́ọ̀bù rí lè má fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ pàápàá. Ohun tó tọ́ sí Tam ni láti fi pe ara rẹ̀ àti àwọn tó bá a kẹ́gbẹ́. Kò tọ́ sí i láti fi pe àgbàlagbà yẹn ní gbangba. Nítorí náà kì í ṣe pé ọmọ ilé ní ìwé àṣẹ tí ará ìta kò ní. Ọmọ ilé náà ń wo ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Àwa náà ní tiwa. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó dé Amẹ́ríkà ló ń pe àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ ní akátá, wọ́n á sì ní kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ sọ pé èébú ni. Lẹ́yìn náà, ọmọ Ìbàdàn kan náà á gbọ́ orin ráàpù, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bú ẹrú pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, á ní ṣebí dúdú lòun. Dúdú ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọ̀ nìkan ló ń sọni di ọmọ ilé ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tó ń lo akátá lọ́wọ́ ọ̀tún, tó wá fẹ́ fi ọ̀tún kan náà gba ọ̀rọ̀ ìrora wọn, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ ẹ̀gbẹ́ tó dúró sí.

Lẹ́yìn ìdájọ́

The Slants gba ìwé wọn kí ọdún 2017 tó parí. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìdájọ́ náà ni àwọn kan ti ń tò sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì àmì òwò pẹ̀lú ìwé fún àmì ìjọba Násì àti fún èébú tó burú jù tí wọ́n fi ń bú aláwọ̀ dúdú. Àwọn kan nínú wọn ní torí kí ẹni ibi má baà gbà á làwọn ṣe fẹ́ gbà á. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ tàbí kò rí bẹ́ẹ̀, òfin ò tún lè fi ìyẹn lé ẹnikẹ́ni padà mọ́.

Síbẹ̀, Redskins kò sí mọ́. Ní ọdún 2020, lẹ́yìn tí ọlọ́pàá pa George Floyd ní Minneapolis tí gbogbo ìlú sì gbóná, FedEx tí orúkọ rẹ̀ wà lára pápá ìṣeré wọn kọ̀wé ní kí wọ́n yí orúkọ náà padà. Nike yọ ọjà wọn kúrò lórí àtẹ ìkànnì rẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún yẹn, ẹgbẹ́ náà kéde pé àwọn ti fi orúkọ náà sílẹ̀. Commanders ni wọ́n ń jẹ́ láti ọdún 2022. Wọ́n ní ìwé lọ́wọ́, òfin wà lẹ́yìn wọn, ilé ẹjọ́ kò sì bá wọn wí. Àwọn oníbàárà àti onígbọ̀wọ́ ló ṣe ohun tí adájọ́ ní òun kò lè ṣe.

Ẹnì kan lè béèrè pé ǹjẹ́ mo tiẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ orúkọ ẹgbẹ́ Tam síhìn-ín, èmi tí kì í ṣe ọmọ Éṣíà. Mo lẹ́tọ̀ọ́. Orúkọ tí wọ́n sọ ara wọn ni mò ń pè, bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ṣe máa pè é kó tó gbé orin wọn sáfẹ́fẹ́. Mo tún lè kọ ọ́ láti sọ pé èébú ni, bí mo ti ṣe lókè. Ohun tí n ò lè ṣe ni kí n yọ ọ́ kúrò lára ẹgbẹ́ náà, kí n fi pe obìnrin ará Ṣáínà tó ń ta nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù àdúgbò, kí n wá sọ pé Simon Tam ló kọ́ mi.